Wákàtí Mẹ́ta Tí Mo Gé Kúrò

Fóònù mi dún ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Mátírọ́ọ̀nù kan ni, ìyá àgbà tí ó ti ń gbẹ̀bí kí n tó wọ ilé-ìwé gíga. Lẹ́yìn tí mo kí i tán, tí ó sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, mo ka ohun tí o kọ nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn. Bí obìnrin bá bímọ sílé lóru, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí wọn kò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa títí oòrùn fi kan àtàrí, ṣé ohun tí o kọ yìí kan irú rẹ̀?"

Mo ṣí ohun tí mo kọ wò, n kò rí ìdáhùn níbẹ̀. Mo ṣí ìwé ìwádìí tí mo ti mú un jáde, ìdáhùn wà níbẹ̀ gbangba, nínú gbólóhùn kan tí èmi fúnra mi gé kúrò nítorí pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà ni pé kí n máa mú àṣamọ̀ ìwádìí tuntun láti inú jọ́nà àwọn oníṣègùn, kí n dín in kù fún ìwé ìròyìn kékeré kan tí àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ń kà. Àṣamọ̀ ni ìpínrọ̀ tí ó máa ń ṣíwájú ìwé ìwádìí: ó ń sọ ìdí tí a fi ṣe ìwádìí, bí a ṣe ṣe é, ohun tí a rí, àti ohun tí ó túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ jọ́nà máa ń fún un ní àyè ọ̀rọ̀ 250 tàbí 300. Èmi ní àyè fún ọ̀rọ̀ 150 péré. Ẹni tí kò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé bí a ti ń gé aṣọ kí ó bá ara mu ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Aṣọ tí a gé jù máa ń hàn lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Àṣamọ̀ tí a gé jù máa ń dára lójú, ó máa ń dùn ún kà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tí yóò fi han òǹkàwé pé nǹkan kan ti sọnù.

Ìwádìí tí mátírọ́ọ̀nù pè mí lé lórí ni èyí tí wọ́n ń pè ní WOMAN, tí ó jáde nínú jọ́nà Lancet ní ọdún 2017. Àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlera kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó darí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21 ni wọ́n ti ṣe é, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ṣòro ó sọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, ara máa ń gbìyànjú láti dì í. Àmọ́ ara kan náà ní ohun kan nínú tí ó ń tú ẹ̀jẹ̀ tí ó dì. Oògùn tiranẹsámíìkì ásíìdì ń dá ohun tí ń tú u yẹn dúró. Ṣé bí a bá fún ìyá ní oògùn yìí, kò ní kú?

Bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ nìyí: "Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe láàárín obìnrin tí ó lé ní 20,000 ní orílẹ̀-èdè 21 fi hàn pé tiranẹsámíìkì ásíìdì ń dín ikú kù lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ, kò sì léwu." Lẹ́yìn èyí ni mo wá kọ ìpínrọ̀ tí ó gùn nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pa àwọn ìyá káàkiri ayé. Inú mi dùn sí i. Ó ṣe kedere, ó kúrú, kò sí ọ̀rọ̀ líle nínú rẹ̀.

Àṣìṣe mẹ́rin ni ó wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Kò sì sí irọ́ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ pa nínú ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà "ikú". Nínú ìwádìí yìí, ohun tí ó dín kù ni ikú tí ẹ̀jẹ̀ fà. Nínú obìnrin 10,036 tí ó gba oògùn, 155 ni ẹ̀jẹ̀ pa; nínú 9,985 tí ó gba èkejì, 191 ni. Ìyẹn ni 1.5 nínú 100 àti 1.9 nínú 100. Ṣùgbọ́n obìnrin lè bímọ kí ó kú nítorí gìrì inú oyún, tàbí kí kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kò ní ohun tí ó fẹ́ fi àwọn wọ̀nyí ṣe. Nígbà tí a bá ka gbogbo ikú pọ̀, láìwo ohun tí ó fà á, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kéré débi pé a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn ni ó mú un wá. Nítorí náà, "ó ń dín ikú kù" àti "ó ń dín ikú tí ẹ̀jẹ̀ ń fà kù" kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni mo gé kúrò láàárín wọn. Ìwádìí náà sọ ọ̀kan, èmi ní kí ó sọ èkejì.

Irú ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ nígbà tí a bá ń dín àṣamọ̀ kù. Ojú wa máa ń rí wọn bí ohun ọ̀ṣọ́, bí "tí ó", "lára àwọn", "láàárín". Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni ọgbà tí ó yí ìròyìn ìwádìí ká. Bí a bá yọ wọ́n, ìròyìn náà á rìn jáde lọ sí ibi tí ẹ̀rí kò dé.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo gé ni èyí tí mátírọ́ọ̀nù wá a tì. Kí ìwádìí yìí tó wáyé, ìwádìí mìíràn ti wà tí a ń pè ní CRASH-2, lórí àwọn tí ó fara pa, bíi nínú jàǹbá ọkọ̀. Ìyẹn jáde ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n sì tún nọ́ńbà rẹ̀ yẹ̀ wò ní 2011, wọ́n rí i pé àkókò ni ọ̀rọ̀ oògùn yìí. Ẹni tí ó bá tètè gbà á ń jàǹfààní. Ẹni tí ó gbà á lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta kò jàǹfààní, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ṣe é ní ibi. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe ìwádìí WOMAN ṣe pín àwọn obìnrin wọn gẹ́gẹ́ bí àkókò tí ó ti kọjá lẹ́yìn ìbímọ kí wọ́n tó gba oògùn. Láàárín àwọn tí ó gbà á kí wákàtí mẹ́ta tó pé, 89 ni ẹ̀jẹ̀ pa, 127 sì kú lára àwọn tí kò gba oògùn gidi, ìyẹn 1.2 àti 1.7 nínú 100. Láàárín àwọn tí wákàtí mẹ́ta ti kọjá lórí wọn, kò sí àǹfààní kan tí a lè tọ́ka sí.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá yẹn nìyí. Obìnrin tí ó bí lóru tí ó dé ní ọ̀sán ti kọjá ibi tí ìwádìí yìí ti rí àǹfààní. Kí dókítà máa wá ọ̀nà mìíràn kíákíá, kí ó má gbójú lé abẹ́rẹ́ yìí. Èmi sì ti kọ ìròyìn tí ó lè mú kí ẹnìkan gbójú lé e.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù lọ láti rí, òun ni mo sì fẹ́ dúró tì díẹ̀.

Gbogbo ìwádìí irú èyí ló ní ìbéèrè kan tí a kọ sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, tí a ó fi ìdáhùn rẹ̀ dá ìwádìí náà lẹ́jọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà ta ọfà tán kó tó lọ ya àmì yí ibi tí ọfà bà sí ká. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti WOMAN ni èyí: nínú àwọn obìnrin yìí, mélòó ni yóò kú nítorí ohunkóhun, tàbí tí a ó yọ ilé ọmọ wọn, láàárín ọjọ́ 42? Àwọn obìnrin 15,000 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ṣàkíyèsí ohun kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbà kan náà tí a ń gba obìnrin sínú ìwádìí ni dókítà ti ń pinnu láti yọ ilé ọmọ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti dà jù. Oògùn kò lè dá ohun tí a ti pinnu dúró. Wọ́n wá fi kún iye obìnrin, láti 15,000 sí 20,000, kí wọ́n lè wo ikú tí ẹ̀jẹ̀ ń fà lọ́tọ̀ dáadáa.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kò sí ìyàtọ̀: 5.3 nínú 100 pẹ̀lú oògùn, 5.5 nínú 100 láìsí oògùn. Ikú tí ẹ̀jẹ̀ ń fà ni ó dín kù. Àwọn tí ó kọ ìwé náà sọ èyí láìfi pa mọ́, nínú àṣamọ̀ wọn gan-an: wọ́n sọ ìbéèrè àkọ́kọ́, wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi fi kún iye obìnrin, wọ́n sì sọ pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kò yàtọ̀. Ohun gbogbo tí òǹkàwé nílò láti fi ṣe ìdájọ́ wà níbẹ̀. Ìgbà tí èmi fẹ́ dín in kù, mo wo gbólóhùn mẹ́ta yẹn, mo ní nínú ọkàn mi pé, "Àlàyé abẹ́lé ni èyí, àwọn nọ́ọ̀sì kò nílò rẹ̀." Mo fi ohun tí ó yege sílẹ̀, mo gé ohun tí kò yege.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rọrùn tó. Kò sí ẹni tí ó san owó fún mi, n kò sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ oògùn kankan. Àyè tí kò tó lásán ni ó mú mi ṣe é. Ohun tí kò yege máa ń gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ṣàlàyé, ohun tí ó yege sì máa ń kúrú. Nítorí náà bí a bá ń dín ọ̀rọ̀ kù láìronú, ibi tí ó yege ni yóò máa ṣẹ́kù. Èyí kì í sì í ṣe ti àwa tí ń dín iṣẹ́ ẹlòmíràn kù nìkan. Ní ọdún 2010, jọ́nà JAMA tẹ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kan jáde tí wọ́n yẹ ìwádìí 72 wò, gbogbo wọn jẹ́ èyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn kò fi ìyàtọ̀ hàn. Nínú ohun tí ó lé ní ìdajì wọn, ìparí àṣamọ̀ náà ni a ti yí ọ̀rọ̀ pọ́n kí ó lè dà bí ẹni pé ìwádìí yege. Àwọn oníwàádìí fúnra wọn ni ó kọ àwọn àṣamọ̀ wọ̀nyẹn.

Ọ̀rọ̀ kẹrin, "kò sì léwu", kò ní gbà wá lákòókò. Oògùn tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lè mú kí ó dì níbi tí kò yẹ, nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí nínú iṣan ẹsẹ̀. Ìwádìí náà wo èyí, kò sì rí ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. "A kò rí i pé ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ sí i" ni ohun tí ó wà níbẹ̀. "Kò léwu" tóbi ju ìyẹn lọ fíìfíì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrú jù ú lọ. Ẹni tí ó ń dín ọ̀rọ̀ kù kò ní àwíjàre kankan fún un.

Báwo ni mo ṣe wá tún un kọ? N kò padà sídìí àṣamọ̀ náà kí n tún máa gé e láti orí dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn, òun ni ó sì ṣì mí lọ́nà, torí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè yóò ti ná ìdajì àyè rẹ̀ lórí ìtàn kí ó tó dé ibi ìṣirò. Àárín ni mo bẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo kọ́kọ́ mú bébà lásán, mo kọ ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ìbá à yege tàbí kò yege. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìyókù ohun tí a rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọgbà rẹ̀: ikú irú wo, lára ta ni, láàárín àkókò wo.

Mo wá bi ara mi pé: kí ni òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa bí a ṣe ṣe é kí ó tó lè gba nọ́ńbà wọ̀nyí gbọ́? Ó gbọ́dọ̀ mọ irú àwọn obìnrin tí ó wà níbẹ̀, àti iye wọn. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fún wọn àti ohun tí a fi wé e. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kèké ni a fi pín wọn, kì í ṣe pé dókítà fi ojú yan ẹni tí yóò gba oògùn. Nítorí bí dókítà bá ń yàn, ó lè máa fún àwọn tí ara wọn ṣì le, ìyẹn nìkan yóò sì mú kí oògùn dà bí ẹni ń ṣiṣẹ́. Nínú WOMAN, àpótí tí ó ní páálí mẹ́jọ ni nọ́ọ̀sì ń mú ọ̀kan nínú rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni ó wà lára páálí, oògùn gidi àti oògùn òfìfo sì jọ ara wọn, tí aláìsàn àti olùtọ́jú kò mọ èwo ni èwo. Mo lè gé àpótí àti páálí. N kò lè gé kèké, n kò sì lè gé àìmọ̀ yẹn. Láti ọdún 2008 ni ìlànà kan ti wà tí wọ́n ń pè ní CONSORT fún àṣamọ̀, tí ó to àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo gé láìbojúwẹ̀yìn ni orúkọ àwọn ọ̀nà ìṣirò, oṣù tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí, àwọn gbólóhùn bíi "ó ṣe pàtàkì láti sọ pé", àti ìparí tí ó kàn ń tún ohun tí a ti rí sọ. Nọ́ńbà tí a fi forúkọ ìwádìí sílẹ̀, `ISRCTN76912190`, kò sí nínú ọ̀rọ̀ 150 náà. Ìsàlẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìbéèrè àkọ́kọ́ náà lè fi wá a.

Nọ́ńbà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Láti 1.9 sí 1.5, a lè sọ pé oògùn dín ikú tí ẹ̀jẹ̀ ń fà kù ní ìdá 19 nínú 100. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ èyí nìkan, ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé nínú 100 obìnrin, 19 ni oògùn gbà là. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé nínú 1,000 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, 19 ni ẹ̀jẹ̀ ìbá pa, ó wá di 15. Mẹ́rin ni ó là. Fún oògùn tí kò wọ́n, lára àwọn ìyá, mẹ́rin tó gẹ́ẹ́ láti fi yọ̀. Kò sídìí láti sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe. Nítorí náà, bí àyè bá kéré, iye méjèèjì fúnra wọn ni kí a fi sílẹ̀, kí òǹkàwé yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì fúnra rẹ̀. Bí àyè bá ṣẹ́kù, kí ìpín àti ààlà rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ààlà ni ó ń sọ bí a ṣe dá ara wa lójú tó. Bí ìpín bá jẹ́ 1, a jẹ́ pé oògùn kò yí nǹkan kan padà. Fún ikú tí ẹ̀jẹ̀ ń fà lára gbogbo àwọn obìnrin náà, ìpín jẹ́ 0.81, ààlà rẹ̀ sì lọ láti 0.65 títí dé 1.00. Ẹ rí i pé etí rẹ̀ kan ibi tí kò ti sí ìyàtọ̀ rárá. Fún àwọn tí ó tètè gbà á, ìpín jẹ́ 0.69, ààlà rẹ̀ 0.52 sí 0.91, kò kan 1. Ẹni tí ó bá fi ojú rí méjèèjì yóò mọ ibi tí ẹ̀rí ti le àti ibi tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́, láìjẹ́ pé mo kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kankan.

Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀ nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pa ọ̀pọ̀ ìyá. Àyè kò wá sí fún ìdí tí wọ́n fi fi kún iye obìnrin. Mo ronú lé e lórí fún ìgbà pípẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn dára, ó ń fa ènìyàn mọ́ra. Ṣùgbọ́n ta ni mò ń kọ ọ́ fún? Agbẹ̀bí. Ta ni ó fẹ́ sọ fún agbẹ̀bí pé ẹ̀jẹ̀ ń pa ìyá? Mo gé e, mo sì fi ìyípadà náà sí àyè rẹ̀. Bí ó ṣe jáde nìyí:

"Ní ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21, a fi kèké pín obìnrin 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ: àwọn kan gba tiranẹsámíìkì ásíìdì gíráàmù 1 sínú iṣan, àwọn ìyókù gba oògùn òfìfo. Aláìsàn àti olùtọ́jú kò mọ èwo ni èwo. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ikú èyíkéyìí tàbí yíyọ ilé ọmọ láàárín ọjọ́ 42. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, a fi kún iye obìnrin kí a lè wo ikú nítorí ẹ̀jẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ kò yàtọ̀: 5.3 nínú 100 pẹ̀lú oògùn, 5.5 láìsí i. Ikú nítorí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 1.5 àti 1.9 (ìpín 0.81, ààlà 0.65 sí 1.00). Lára àwọn tí ó gbà á kí wákàtí mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìbímọ, ó jẹ́ 1.2 àti 1.7 (ìpín 0.69, ààlà 0.52 sí 0.91). A kò rí i pé ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ sí i. Bí a ó bá lò ó, kí a tètè lò ó."

Kò dùn ún kà tó ti àkọ́kọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó le díẹ̀, ó sì kún fún nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n bí mátírọ́ọ̀nù bá bi í ní ìbéèrè, ó lè dá a lóhùn.

Bí mo ṣe ń yẹ irú rẹ̀ wò kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ni ọ̀nà méjì. Èkíní, mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo máa ń ṣí àtẹ nọ́ńbà inú ìwé ìwádìí náà, kì í ṣe àṣamọ̀ rẹ̀, mo sì máa ń fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí ó ti wá. Ìdí kan wà fún èyí. Ní ọdún 1999, iṣẹ́ kan jáde nínú JAMA tí ó yẹ àwọn àṣamọ̀ inú jọ́nà ìṣègùn ńláńlá mẹ́fà wò. Nínú jọ́nà tí ó dára jù, àṣamọ̀ 18 nínú 100 ni ó ní ohun kan tí kò bá inú ìwé mu tàbí tí kò sí nínú rẹ̀ rárá, nínú èyí tí ó burú jù, ó tó 68. Bí mo bá gbára lé àṣamọ̀ nìkan, mo lè máa fi ìṣọ́ra dín àṣìṣe ẹlòmíràn kù.

Ọ̀nà kejì ni pé mo máa ń fún ẹnìkan tí kò ka ìwé náà, mo sì máa ń ní kí ó sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀: àwọn wo ni wọ́n ṣe é fún, kí ni wọ́n fún wọn, kí ni wọ́n fi wé e, kí ni wọ́n rí, ta ni kò kàn? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni ó máa ń tú àṣírí. Bí ó bá dáhùn mẹ́rin àkọ́kọ́ dáadáa, tí ó wá dé orí karùn-ún tí ó ní, "Ó dà bíi pé ó kan gbogbo ènìyàn," mo ti mọ̀ pé mo ti yọ ọgbà kan níbìkan.

Mo fi èyí tí mo tún kọ ránṣẹ́ sí mátírọ́ọ̀nù kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ó pè mí padà ní ọjọ́ kejì.

"Ó ti yé mi báyìí," ó ní. "Wákàtí mẹ́ta. Màá kọ ọ́ sára ògiri yàrá ìgbẹ̀bí." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe máa fún un? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí a tẹ̀ ẹ́ wọlé?"

Ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ 150 mi, n kò sì rò pé ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Mo ka ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2017 fún un lórí fóònù: gíráàmù 1 nínú mílílítà 10, kí ó máa wọ iṣan ní mílílítà kan ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí tí ó dá tí ó tún bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, kí a fún un ní gíráàmù 1 mìíràn. Mo gbọ́ tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó ń tún un sọ tẹ̀ lé mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.